Àlẹ́ẹ̀tì dífídẹ́ǹdì mi ń dún nígbà tí ọkọ̀ ti lọ: ọjọ́ wo gan-an ló yẹ kó dún?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ṣíà ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá ni mo ń ṣọ́. Mo gbé áàpù kan sórí fóònù kó máa pè mí tí ẹ́ks-déètì, ọjọ́ tí ẹni tó bá ra ṣíà ò ní gba dífídẹ́ǹdì mọ́, bá ń bọ̀ àti tí rísọ́ọ̀tì ilé-iṣẹ́, ìyẹn ìṣirò èrè wọn, bá fẹ́ jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pè mí, tí mo rà, tí dífídẹ́ǹdì ò sì kàn mí. Ti rísọ́ọ̀tì ò tiẹ̀ bá ọjọ́ mu rárá. Ọjọ́ wo ni kí n máa ṣọ́, báwo ni kí n sì ṣe tò ó kó má já mi kulẹ̀ mọ́?

---

Ọmọ Yábàá

Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti rẹ́jísítà, ìwé orúkọ àwọn oníṣíà, pa ni ẹ́ks-déètì. Ṣáà ti rà á lọ́jọ́ tó ṣáájú, dífídẹ́ǹdì ti di tìẹ nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ kejì o tún lè tà á, o ti gba owó ọ̀fẹ́. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo ti wo fídíò tó pọ̀ lórí ẹ̀.

---

Akọ̀wé Broad Street

Ọmọ Yábàá, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ tọ̀nà, ìdajì kejì ló ń kó ọmọ ènìyàn sí gbèsè. Ó ṣe díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn rẹ́jísírà ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí.

Ìkéde tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí NGX, ọjà ṣíà wa, ọjọ́ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì ló máa ń wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n máa ti rẹ́jísítà pa, àti ọjọ́ tí owó máa wọ báǹkì. Lọ kà á dáadáa, o ò ní rí ibi tí wọ́n ti kọ ẹ́ks-déètì síbẹ̀. Àwọn áàpù òkè òkun wá ní àyè kan tí wọ́n pè ní ẹ́ks-déètì, àyè yẹn ò gbọ́dọ̀ ṣófo, nǹkan tí mo sì ń rí lórí fóònù tèmi ni pé ọjọ́ tí rẹ́jísítà tì ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Torí náà áàpù ń pè ẹ́ fún ọjọ́ kan tó wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ tí ìwọ tó fẹ́ rà nílò.

Ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n ni kí o dì mú. Orúkọ ẹ gbọ́dọ̀ ti wà nínú rẹ́jísítà kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ kì í sì í wọlé lọ́jọ́ tí o tẹ bọ́tìnì pé o rà. Tẹ́lẹ̀, T+3 là ń lò, ìyẹn ni pé ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí o rà kí ṣíà tó wọ akáǹtì CSCS ẹ, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà sí lórúkọ ẹ. Láti 28 oṣù kọkànlá 2025 ó ti di T+2. Tí kọlifikéṣọ̀n bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ìkẹyìn tí o lè rà. Bí o bá rà á ní Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì ló máa wọlé, ẹni tó tà á fún ẹ ló máa gba dífídẹ́ǹdì yẹn.

Ọjọ́ tí Ọmọ Yábàá ń sọ, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ìtìpa rẹ́jísítà, ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n fúnra ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá rà lọ́jọ́ yẹn ti pẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ méjì gbáko.

---

Ọmọ Yábàá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ti ọjọ́ yẹn mo gbà. Àmọ́ owó ọ̀fẹ́ ńkọ́?

---

Akọ̀wé Broad Street

Kò sí owó ọ̀fẹ́ níbẹ̀ o, àbúrò. Ká ní ṣíà kan wà ní ₦40, dífídẹ́ǹdì ẹ̀ sì jẹ́ ₦3. Tó bá ti di ẹ́ks, wọ́n máa gé ₦3 yẹn kúrò lára iye ẹ̀, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ₦37. Dífídẹ́ǹdì tó máa kàn ẹ́, wọ́n máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí, ₦2.70 ni ìwọ máa rí. O ti pàdánù 30 kọ́bọ̀ lórí ṣíà kan, a ò tíì ka owó bùrókà nígbà tí o rà àti nígbà tí o tà. Lẹ́yìn ìyẹn ọjà lè gbé e sókè, ó lè gbé e wálẹ̀, ìyẹn dọwọ́ àwọn tó ń rà. Àmọ́ ẹni tó tìtorí ₦3 rà á lónìí, tó tà á lọ́la, òun ló ń san owó.

---

Ìyá Ìbejì Súrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ dífídẹ́ǹdì tí ẹ ń sọ yìí ni mo ṣe dá sí i. Bàbá mi tó ti doloògbé ra ṣíà báǹkì nígbà ayé wọn, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìwé ṣẹ́ẹ̀kì kéékèèké ń wá sí ilé wa ní Ìtire nígbà kan, nígbà tó yá kò wá mọ́. Ṣé àlẹ́ẹ̀tì yìí lè sọ fún mi ìgbà tí wọ́n máa san ti bàbá mi?

---

Akọ̀wé Broad Street

Màmá, ẹ kú ìrójú bàbá. Àlẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe ti yín o, torí ti yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́. Wọ́n ti ń san án, kò rí ibi bà sí ni. Ẹ wo ara ìwé ṣíà yẹn, ẹ máa rí orúkọ rẹ́jísírà níbẹ̀, àwọn ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe báǹkì. Wọ́n máa béèrè ìwé probéètì láti kóòtù gíga kí wọ́n tó gbé orúkọ kúrò lórí bàbá sórí ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín. Tí ìyẹn bá parí, ẹ kọ fọ́ọ̀mù í-dífídẹ́ǹdì pẹ̀lú BVN yín, kí owó máa wọ báǹkì tààrà. Ẹ ṣí ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, màmá, mo máa dá yín lóhùn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ gùn.

---

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ó ti yé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n gan-an ni mo rà, ọ̀rọ̀ yín bá a mu. Àmọ́ ìgbà kejì, mo ka ọjọ́ mẹ́ta níyẹn torí T+3 ni nígbà náà, mo fi ìka kà á, mo tún bi ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní ó pé. Síbẹ̀ wọn ò san fún mi. Oṣù kẹrin 2024 ni, kọlifikéṣọ̀n bọ́ sí ọjọ́ Ajé 15. Mo rà á ní ọjọ́ Ajé 8. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko!

---

Akọ̀wé Broad Street

Oṣù kẹrin 2024! Ìtúnu ààwẹ̀ ló ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà fara gbá nínú ẹ̀, ṣíà ẹgbẹ̀rún márùn-ún, dífídẹ́ǹdì ₦2.50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦11,250 tó yẹ kó wọlé lẹ́yìn owó orí ló lọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Jẹ́ ká jọ kà á. Ìjọba ti kọ́kọ́ kéde ọjọ́ Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 pé ìsinmi ni. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹni tó rà ní ọjọ́ Ajé 8 á ka Ọjọ́bọ̀ 11 sí ọjọ́ kìíní, ọjọ́ Ẹtì 12 sí ìkejì, ọjọ́ Ajé 15 sí ìkẹta. Ó wọlé lọ́jọ́ kọlifikéṣọ̀n gẹ́lẹ́, ìka tí o kà ò ṣì. Àfi bí wọn ò ṣe rí oṣù, tí wọ́n sún ọdún sí Ọjọ́rú, tí ìjọba sì fi Ọjọ́bọ̀ 11 kún ìsinmi. O ti rà á kí wọ́n tó fi kún un. Bí ọjọ́ kan ṣe yọ kúrò nìyẹn, ọjọ́ Ẹtì 12 di ìkíní, ọjọ́ Ajé 15 di ìkejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun 16 ni ṣíà ẹ tó wọlé. Ọjọ́ kan péré ló fi pẹ́. Ká ní a ti mọ̀ pé ìsinmi máa di ọjọ́ mẹ́ta ni, ọjọ́ Ẹtì 5 ni ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni lè rà.

Ohun tí mo kọ́ nínú ẹ̀ ni pé tí ọdún Ìtúnu tàbí Iléyá bá wà láàárín ọjọ́ tí mo fẹ́ rà àti ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n, mo máa ń kọ ọjọ́ ìsinmi kan sí i fúnra mi, bí ìjọba ò tiẹ̀ tíì sọ̀rọ̀. Oṣù kẹta àti ìkẹrin ni dífídẹ́ǹdì báǹkì ń ya wá, ọdún Ìtúnu sì ti ń bọ́ sí àárín ẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ó burú kí ènìyàn má fàyè sílẹ̀.

---

Tísà Ṣómólú

Ká ní T+2 ti wà nígbà yẹn ni, ọjọ́ Ajé 15 ni ì bá wọlé, ẹ̀yin méjèèjì ì bá gba owó yín. Mo kàn ń sọ ni.

Èmi Google Sheets ni mo ń lò fún tèmi, mi ò gbára lé áàpù kankan. Mo ń wọ ojú ìwé Corporate Disclosures ti NGX láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo wo ilé-iṣẹ́ tó wà nínú lísìtì mi, tí ìkéde tuntun bá wà mo kọ ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n sí B, mo jẹ́ kí D bá mi ṣírò ọjọ́ ìkẹyìn láti rà:

```
=WORKDAY(B2,-2,$H$2:$H$30)
```

H ni mo to àwọn ọjọ́ ìsinmi sí. Tí ìjọba bá fi ọjọ́ kan kún un, mo kọ ọ́ sí H, gbogbo D sún fúnra ẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ fún mi láti ìgbà tó ti di T+2.

---

Akọ̀wé Broad Street

Tísà, iṣẹ́ yìí dáa gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ihò kan wà nínú ẹ̀ ṣá. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n bá bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, tàbí sí ọjọ́ ìsinmi tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde lórí ẹ̀? Dán an wò. Fọ́múlà ẹ á ka ọjọ́ Ẹtì sí ọ̀kan, Ọjọ́bọ̀ sí méjì, á ní kí o rà ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó rà ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ajé ló máa wọlé fún un. Ó ti pẹ́.

---

Tísà Ṣómólú

Haa. Mo ti dán an wò, òótọ́ ni. Mo ti rí i báyìí, ó yẹ kó kọ́kọ́ padà sí ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn kí kọlifikéṣọ̀n tó kọjá, kó tó wá ka méjì sẹ́yìn láti ibẹ̀. Mo fi ọjọ́ kan kún B, mo sì ní kó padà sẹ́yìn ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Mo tún yọ 2 kúrò nínú fọ́múlà, mo gbé e sí K1, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá tún yí T yìí padà, ibì kan ṣoṣo ni màá ti tún un ṣe:

```
=WORKDAY(WORKDAY(B2+1,-1,$H$2:$H$30),-$K$1,$H$2:$H$30)
```

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ti ń fún mi ní Ọjọ́rú báyìí. Ọjọ́bọ̀ ṣì ń fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo tún fi 3 sí K1, mo kọ ọjọ́ ọdún 2024 yẹn sí i pẹ̀lú ìsinmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 5 oṣù kẹrin ló gbé jáde.

---

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin Tísà, ó dáa, àmọ́ èmi kì í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo ń tà aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ pè mí ni. Ṣé kí n kó àwọn ọjọ́ D yẹn sínú kàlẹ́ńdà fóònù?

---

Tísà Ṣómólú

Má kó o sí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ tí o bá dà kọ síbẹ̀ á dúró síbẹ̀ ni, tí ìsinmi bá yí ọjọ́ D nínú ṣíìtì, ti kàlẹ́ńdà ò ní mọ̀. Jẹ́ kí ṣíìtì fúnra ẹ̀ máa fi í-méèlì ránṣẹ́ sí ẹ. Kọ èyí sí E, òun ló ń ka iye ọjọ́ iṣẹ́ tó kù:

```
=NETWORKDAYS(TODAY(),D2,$H$2:$H$30)-NETWORKDAYS(TODAY(),TODAY(),$H$2:$H$30)
```

Lẹ́yìn náà wọ Extensions, Apps Script, lẹ èyí síbẹ̀, kí orúkọ ṣíìtì ẹ jẹ́ Lisiti:

```
function pemi() {
  const s = SpreadsheetApp.getActive().getSheetByName("Lisiti");
  const emi = Session.getEffectiveUser().getEmail();
  s.getRange("A2:E30").getValues().forEach(r => {
    if (r[0] && [3, 1, 0].includes(r[4]))
      MailApp.sendEmail(emi, r[0] + ": ojo " + r[4] + " lo ku", "Ojo ikeyin: " + r[3]);
  });
}
```

Ní Triggers, ní kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láàárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀. Ó máa pè ẹ́ nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kan, àti láàárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn gan-an. Wo Settings inú ṣíìtì náà kí Time zone jẹ́ ti Lagos, tèmi wà ní ti Amẹ́ríkà fún oṣù méjì tí mi ò mọ̀, TODAY() mi ṣì ń sọ àná ní kùtùkùtù òwúrọ̀.

---

Ọmọ Yábàá

Ọjọ́ mẹ́ta ti kéré jù lójú tèmi o. Tí owó ò bá sí nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì bùrókà ńkọ́? Ìgbà kan mo fi owó ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni bùrókà tó rí i, iye ṣíà náà ti fò. Èmi á fi márùn-ún sí i.

---

Akọ̀wé Broad Street

Márùn-ún náà dáa tí owó ẹ bá ń pẹ́ dé. Mẹ́ta tó fún mi torí owó máa ń wà nílẹ̀ níbẹ̀. Kálukú mọ bùrókà tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un ni òpó C. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá dífídẹ́ǹdì náà jẹ́ ìntárímù tàbí ti òpin ọdún. Ìntárímù, bọ́ọ̀dù ti fọwọ́ sí i, ó parí. Ti òpin ọdún, ó ṣì máa dé iwájú àwọn oníṣíà ní ìpàdé ọdọọdún, torí náà ilé-iṣẹ́ lè tún ìkéde ṣe, ó sì lè sún ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n. Mo máa ń padà lọ ka ìkéde lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí àlẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta bá dún, kí n tó rà.

---

Ọmọ Ọbáléndé

Ṣíà Amẹ́ríkà ni tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ka èyí lo 2 fún ìyẹn o. Láti 28 oṣù karùn-ún 2024 ni wọ́n ti ń lo T+1. Lọ́dọ̀ tiwọn ẹ́ks-déètì wà lóòótọ́, ọjọ́ kan náà ló sì sábà máa ń jẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ń wo rẹ́jísítà. Ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni kí o rà. Fún tèmi, mo ṣe ṣíìtì mìíràn, K1 ẹ̀ jẹ́ 1, H ẹ̀ sì jẹ́ ìsinmi ti Amẹ́ríkà, mi ò da méjèèjì pọ̀. Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára dífídẹ́ǹdì wa.

---

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Mo ti to ti dífídẹ́ǹdì. Ó kù ti rísọ́ọ̀tì. Áàpù sọ pé ọjọ́ báyìí ni, ọjọ́ náà dé, kò sí nǹkan. Nígbà mìíràn ó ti jáde láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn.

---

Akọ̀wé Broad Street

Ti rísọ́ọ̀tì, kọ́kọ́ gbà pé kò sí ọjọ́ kan pàtó fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa. Ọjọ́ tí áàpù ń gbé jáde, ti ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ń méfò. Ohun tí a ní ni ìkéde ìpàdé bọ́ọ̀dù. Ilé-iṣẹ́ á sọ fún NGX pé bọ́ọ̀dù máa jókòó lọ́jọ́ báyìí lórí rísọ́ọ̀tì, wọ́n á sì sọ pé àwọn tó mọ inú ilé ò gbọ́dọ̀ ra tàbí ta ṣíà náà títí di wákàtí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí rísọ́ọ̀tì bá jáde. Ìkéde yẹn ni kí o máa fi ṣe àlẹ́ẹ̀tì ẹ.

Mo máa ń fi ọjọ́ méjì sí i, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ ìpàdé bọ́ọ̀dù. Òpin ni ọjọ́ tí òfin NGX fún wọn, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn kọ́tà fún èyí tí ọ́dítọ̀ ò tíì yẹ̀ wò, àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn òpin ọdún fún èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Kọ́tà tó parí ní 30 oṣù kẹsàn-án, 30 oṣù kẹwàá ni òpin ẹ̀. Láàárín méjèèjì mo ń wò ó lójoojúmọ́. Tí òpin bá kọjá láìsí nǹkan, ìgbà yẹn ni mo ń wá ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi tọrọ àyè lọ́wọ́ NGX.

Báǹkì lọ́tọ̀ ni tiwọn. Rísọ́ọ̀tì tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò, CBN gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e jáde. Bọ́ọ̀dù lè jókòó lónìí, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kó tó jáde. Níbi ìdajì ọdún ló ti ń yọjú jù, torí báǹkì tó bá fẹ́ san ìntárímù ló máa ń ní kí ọ́dítọ̀ yẹ ìwé ìdajì ọdún wò.

---

Ọmọ Yábàá

Èmi ti ta ṣíà báǹkì kan lórí èyí rí o! Bọ́ọ̀dù jókòó, ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, kò sí rísọ́ọ̀tì, mo ní wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ ni. Mo tà á. Rísọ́ọ̀tì jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìntárímù.

---

Akọ̀wé Broad Street

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ka dídákẹ́ báǹkì sí àmì búburú. Àmọ́ tí ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe báǹkì bá dákẹ́ kọjá òpin, tí kò sì tọrọ àyè, ìyẹn máa ń bà mí lẹ́rù.

---

Tísà Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò dọ́gba lójú mi. Báǹkì náà lè lo orúkọ CBN bo nǹkan mọ́lẹ̀. Báwo ni ẹni tó wà níta ṣe máa mọ ìyàtọ̀?

---

Akọ̀wé Broad Street

Kò sí bó ṣe máa mọ̀ títí rísọ́ọ̀tì á fi jáde, Tísà. Ohun tí mo ń ṣe ni kí n wò ó bóyá báǹkì náà ti kọ̀wé pé àwọn ń retí CBN. Èyí tó bá kọ ọ́ síta, mo dúró. Èyí tí kò kọ nǹkan kan, mi ò rà kún un.

---

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Mo ti to gbogbo ẹ̀ lálẹ́ àná, ọmọ àbúrò mi ló bá mi lẹ fọ́múlà. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin nínú mọ́kànlá ló ní ọjọ́ kọlifikéṣọ̀n tí mo rí, àwọn tó kù ni mo fi B wọn sílẹ̀ lófìfo. Í-méèlì àkọ́kọ́ wọlé ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Mo padà lọ ka ìkéde bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti tún B ṣe.